"Alága, dírẹ́bà yín ti dé o": ṣé àwàdà ni àbí inú ń bí i?

Ọmọ_Kúbwà
Ẹ kú ilé o. Bọ̀dá kan wà ládùúgbò wa ní Kúbwà tó máa ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ó fi bí ọdún mẹ́rin jù mí lọ. Bó bá ti dúró lẹ́nu géètì wa láàárọ̀, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Alága, dírẹ́bà yín ti dé o." A jọ máa ń rẹ́rìn-ín ni. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Lúgbè, ó nawọ́ sí mi láàárín èrò, ó ní, "Ọ̀gá mi nìyẹn. Mo ti ń wa mọ́tò fún un látọjọ́ yìí, mi ò tíì gbowó oṣù." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rín. Nígbà tí mo délé, oorun ò kùn mí. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ẹni tó ń bá òun ṣeré, inú ló ń bí i?

Bàbá_Lúgbè
Kò sóhun tó ń jẹ́ àwàdà lásán láyé yìí. Ohun tó bá wà nínú ìkòkò ni ṣíbí ń bù jáde. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣeré, ó ti wà nínú rẹ̀ kó tó dé ẹnu rẹ̀. Ọkùnrin yẹn ò fẹ́ràn rẹ. Lọ máa wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀, kó o ní àlàáfíà.

Ẹnu_Dùn
Ọ̀rọ̀ yìí ò le tó bẹ́ẹ̀. Àìmọ èsì fọ̀ ló ń dà ọ́ láàmú. Tó bá tún sọ pé dírẹ́bà yín ti dé, jókòó sẹ́yìn mọ́tò, kó o ní, "Dírẹ́bà, ẹ rọra wà á o, mo fẹ́ sùn díẹ̀." Tó bá ní òun ò tíì gbowó oṣù, ní kó lọ mú lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ rẹ̀ wá. Mo ní irú èsì bẹ́ẹ̀ lóríṣiríṣi, kí n máa kó wọn wá?

Ìyá_Ìbejì_Gwarínpa
Ẹnu Dùn, ẹ dákun, ẹ má tíì kó wọn wá. Bó bá jẹ́ pé inú ń bí bọ̀dá náà lóòótọ́, ọjọ́ tí ọmọ yìí bá jókòó sẹ́yìn ni ìjà máa bẹ́.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń bá àwọn òṣìṣẹ́ parí aáwọ̀ ní ọ́fíìsì, ní Kàdúná kí n tó wá sí Àbújá. Ọ̀pọ̀ nínú ẹjọ́ tí wọ́n gbé wá bá mi, ẹ̀rín ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Kúbwà, kí n tó sọ ohunkóhun, dá mi lóhùn. Ìgbà wo ni "Alága" yìí bẹ̀rẹ̀? Èló lò ń san, ta ló sì dá iye náà? Èyí tó kẹ́yìn ló ká mi lára jù: ẹni tó fi ọdún mẹ́rin jù ọ́ lọ, láti ìgbà wo ló ti ń fi "ẹ" bá ọ sọ̀rọ̀?

Ọmọ_Kúbwà
Ẹ ṣé, mà. Oṣù kejì ọdún 2023 la bẹ̀rẹ̀ sí í jọ lọ. Èmi fúnra mi ni mo sọ pé màá máa mú 3,000 náírà wá lọ́sẹ̀, ó sì ní kò burú. Iye yẹn náà ni mò ń san títí di òní. Kò ní kí n fi kún un rí.

Ọ̀rọ̀ "ẹ" yẹn, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n rò ó. Tẹ́lẹ̀, orúkọ mi ló ń pè, "ìwọ" ló sì ń bá mi sọ. Ó jọ pé ìparí ọdún 2024 ló yí i padà.

Nǹkan kan tún wà, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó láwọn ọjọ́ tí kì í bá mi lọ, bẹ́ẹ̀ ló máa ń wà nílé lópin ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n àárọ̀ tí mo bá wà nínú mọ́tò nìkan ló máa ń yà sílé epo, kódà bá a bá ti ń pẹ́. Á sọ̀ kalẹ̀, á lọ dúró ti ẹ̀rọ, á máa wo bí nọ́ńbà ṣe ń sáré. Bó bá ti dúró, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú fèrèsé mi, á ní, "Ẹgbàá méjìlá o, Alága!" Á wá rẹ́rìn-ín. Ìlẹ̀kùn tó máa tì lẹ́yìn náà máa ń dún díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ títí a ó fi kọjá ojú ọ̀nà Dúsé. Rédíò ló máa ń tàn. Mo ti máa ń rò pé ìròyìn ló fẹ́ gbọ́.

Bàbá_Lúgbè
Ìròyìn kẹ̀! Ọmọ yìí, ṣé o ò ní ojú ni?

Ìyá_Ìbejì_Gwarínpa
Bàbá Lúgbè, ẹ rọra. Ẹni tí wọ́n ń gbé kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Láti Kúbwà wọ àárín ìlú kó tó padà, á tó bí kìlómítà 60 lójúmọ́. Mọ́tò kékeré tó ń fi lítà kan rin kìlómítà mẹ́wàá á jẹ lítà mẹ́fà lóòjọ́, ìyẹn ọgbọ̀n lítà láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ní oṣù kejì ọdún 2023, owó tí ìjọba fi lélẹ̀ fún lítà epo kò tó 200 náírà. Bá a bá tilẹ̀ pè é ní 200, epo ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ 6,000. Nítorí náà, 3,000 tó o mú wá jẹ́ ìdajì géérégé. Ọmọ dáadáa ni ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún náà, owó ìrànwọ́ orí epo lọ. Ní oṣù keje, lítà kan ti di 617 ní Àbújá. Nígbà tó fi di ìparí ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000. Ọgbọ̀n lítà wá di 30,000 náírà. Ìdajì tó ò ń san tẹ́lẹ̀ ti di ìdá kan nínú mẹ́wàá, o ò sì yí ohunkóhun padà. Ìgbà wo lo sọ pé "Alága" bẹ̀rẹ̀? Ìparí ọdún 2024.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wá nìyẹn. Mi ò kì í wo bí àwàdà náà ṣe le tó, nítorí àwọn ọ̀rẹ́ tó fẹ́ràn ara wọn a máa bú ara wọn débi pé èèyàn á fẹ́ là wọ́n. Mo máa ń wò ó bóyá àwàdà náà ń rìn. Ẹni tó ń ṣeré lóòótọ́, lónìí á fi irun rẹ ṣe é, lọ́la á fi bó o ṣe ń jẹun ṣe é, lọ́jọ́ kẹta á fi ara rẹ̀ ṣe é. Ti bọ̀dá yìí ò rìn. Dírẹ́bà, owó oṣù, ẹgbàá méjìlá: ibì kan náà ló ń gún lójoojúmọ́. Bó o bá kọ gbogbo àwàdà yẹn sórí ìwé, kó o yọ ẹ̀rín kúrò nínú rẹ̀, ìwé gbèsè lo máa rí.

Ọ̀rọ̀ "ẹ" ńkọ́? Láàárín àwa Yorùbá, àgbà tó bá ṣàdédé ń fi "ẹ" bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀, bí kì í bá ṣe ìyàwó ilé tàbí àna ló ń bá sọ ọ́, ó ti sún ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn. Ó fún ọ ní ọ̀wọ̀ tó ò bèèrè kó lè fi hàn ọ́ pé o ti gba ohun tí kò tọ́ sí ọ. O ò lè bínú, torí pé ọ̀wọ̀ ló fún ọ. Òun náà ò ní láti jẹ́wọ́ ohunkóhun.

Ti ilé epo yẹn ló wá fi èdìdì dì í lójú mi. Ní ọdún 1945, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, dókítà ọpọlọ kan tó ń bá àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, William Menninger, ṣàkíyèsí àwọn sójà kan tí kì í kọ àṣẹ, tí wọn kì í sì í bú ọ̀gá. Wọ́n kàn máa ń lọ́ra ni, wọ́n máa ń gbàgbé, wọ́n máa ń fajú ro, wọ́n á ṣe iṣẹ́ náà jákujàku. Kò sẹ́ni tó lè mú wọn pé wọ́n ṣàìgbọràn. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ nípa irú ìbínú yìí ti gbilẹ̀. Wo bọ̀dá rẹ: kò sọ pé kó o sanwó. Ó kàn rí i dájú pé o wà níbẹ̀ nígbà tí òun ń san.

Ṣadé_Kàdúná
Mo ka èyí, ara mi tutù. Àǹtí ọkọ mi ni ti èmi. Ìgbàkigbà tó bá wá láti Ìlọrin, bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á ní, "Háà, ìyàwó wa ti dáná lónìí! Ẹ jẹ́ kí n ya fọ́tò." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Ọdún keje nìyí. Mo ń dáná lójoojúmọ́ o! Ọjọ́ kan péré ni mo ra oúnjẹ nígbà tí wọ́n wá, ọjọ́ tí mo ti ilé ìwòsàn dé pẹ̀lú ọmọ tuntun. Ṣé èmi náà jẹ wọ́n ní gbèsè ni?

Ìyá_Ìbejì_Gwarínpa
Ṣadé, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ yẹn dáadáa. Ṣé wọ́n wá tọ́jú yín lọ́jọ́ ìkómọ ni, tí ẹlòmíì ti wà níbẹ̀? Àwàdà tó bá pé ọdún méje, tó sì ń tọ́ka sí ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ náà ni kí ẹ lọ tú wò. Bóyá kì í ṣe oúnjẹ ló dùn wọ́n.

Ṣadé_Kàdúná
Ìyá mi ló wá ṣe ìtọ́jú ọmọ. Àǹtí ti kó ẹrù wá. Wọ́n sun ọjọ́ méjì, wọ́n padà.
Olúwa mi.

Ọmọ_Sábọ̀n_Gàrí
Kánò ni wọ́n bí mi sí, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Bàbá Lúgbè sọ pé kò sí àwàdà lásán. Ẹ wá síhìn-ín kẹ́ ẹ rí Fúlàní àti Kànúrí. Bí wọ́n bá pàdé, wọ́n á máa pe ara wọn lẹ́rú, wọ́n á ní "ta ló tú ọ sílẹ̀?" Wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀ níbi ìgbéyàwó, kódà níbi òkú. Wásà ni Háúsá ń pè é. Ará Kánò àti ará Sáríà náà ń ṣe irú rẹ̀. Ọ̀gá mi nílé ìtajà jẹ́ Kànúrí. Fúlàní kan tó ń ta màlúù wọlé lọ́jọ́ kan, ó gbé fìlà orí ọ̀gá mi, ó dé e, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó ní òun wá wo ohun ìní òun. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀. Bí èmi bá dán an wò, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Kò sí ìbínú kankan nínú ìyẹn.

Bàbá_Lúgbè
Ìyẹn àṣà wọn ni. Yorùbá là ń sọ.

Ọmọ_Sábọ̀n_Gàrí
Àwa náà ò ń ṣe é? Kí lẹ máa ń sọ fún Ìjẹ̀bú nípa owó? Kí lẹ máa ń sọ fún Ìjẹ̀ṣà nípa òṣómàáló? Ohun tí mo rí nínú wásà ni pé ẹni méjèèjì ló ní àṣẹ. Kànúrí yẹn náà lè gba fìlà Fúlàní lọ́la, kò sì sẹ́ni tó máa bínú. Ọmọ Kúbwà, ṣé ìwọ lè fi bọ̀dá yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí pé mọ́tò rẹ̀ ti gbó?

Ọmọ_Kúbwà
Mi ò lè dán an wò. Àgbà mi ni, nínú mọ́tò rẹ̀ ni mo sì wà.

Ìyá_Ìbejì_Gwarínpa
Ìbéèrè tó dára nìyẹn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni àwàdà yẹn ń gbà, ó ń lọ, kò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn nìkan dájọ́, torí bí ọjọ́ orí ò bá dọ́gba nílẹ̀ wa, àwàdà kì í fi bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ náà.

Akọ̀wé_Nyányà
Mo fẹ́ ta ko gbogbo yín díẹ̀. Ẹ ń pe bọ̀dá yìí ní ẹni tó ń fi ìbínú pamọ́. Èmi rí i pé ọmọlúwàbí ni. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Ṣé ẹ fẹ́ kí àgbà la ẹnu kó ní, "Mú owó epo wá"? Ìtìjú ni. Ó fi àwàdà sọ ọ́ kí ojú má bàa ti ọmọ náà. Ààbọ̀ yẹn ló ti ń sọ láti ọdún 2024, ọmọ yìí ni kò jẹ́ kó di odindi.

Ìyá_Ìbejì_Gwarínpa
Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, n kò sì ní jiyàn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ fẹ́ kí ó yé ọ. Ìwọ nìkan ló máa ń sọ ọ́ fún, bó o bá sì bi í, á ní "ó yé ọ nìyẹn." Lẹ́nu géètì, nígbà tó jẹ́ àwọn méjì péré, mo lè gbà pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ti Lúgbè ńkọ́, níwájú àwọn tí kò mọ ohun tó wà láàárín wọn? Àwọn èrò yẹn kò lè san gbèsè náà. Ẹ̀rín wọn ló wá gbà níbẹ̀. Èmi máa ń pe ìyẹn ní òkò ọ̀rọ̀. Bó o bá bi ẹni tó sọ ọ́ pé kí ló dé, á ní, "Àbí o ò mọ àwàdà ni?" Ìwọ lo tún máa wá jẹ̀bi.

Akọ̀wé_Nyányà
Ẹni tó bá ti sọ ààbọ̀ fún ọdún kan tí wọn ò gbọ́, ohùn rẹ̀ á ròkè. Mo dúró lórí tèmi.

Ọmọ_Kúbwà
Kí ni kí n wá ṣe? Ṣé kí n bi wọ́n pé ṣé inú ń bí wọn?

Ìyá_Ìbejì_Gwarínpa
Rárá o. Bó o bá bi wọ́n bẹ́ẹ̀, "inú kẹ̀? àwàdà ni o" ni wàá gbọ́, ìlẹ̀kùn yẹn á sì tì pátápátá. Ó ti sọ ọ́ lẹ́nu pé inú ò bí òun, kò ní lè padà sẹ́yìn mọ́. Má sì ròyìn àwàdà rẹ̀ fún un. Gbèsè tìẹ ni kó o dárúkọ. Wá ìgbà tó ku ẹ̀yin méjì, kì í ṣe láàárọ̀ tí ẹ ń sáré. Sọ pé: "Bọ̀dá, 3,000 yẹn, ọdún 2023 ni mo dá a, epo ti lé, èmi ni mo yẹ kí n ti sọ̀rọ̀." Lẹ́yìn náà kó o dákẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni kó o fi wò ó. Bí "Alága" bá kú, owó ni. Bó bá paṣọ dà, tó lọ gún ọ níbòmíì, á jẹ́ pé ibẹ̀ la ṣì í.

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ èyí: bó ṣe dùn ọ́ tó kò tó láti fi mọ̀. Ní ọdún 2006, Justin Kruger àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà yẹ ọ̀rọ̀ fífi ẹlòmíì ṣe yẹ̀yẹ́ wò. Wọ́n rí i pé ẹni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ máa ń rò pé inú rere òun hàn kedere, ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún kì í sì í rí i bẹ́ẹ̀. Ó lè dùn ọ́ kó má sì sí nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi bi ọ́ ní déètì àti iye owó kí n tó bi ọ́ ní bó ṣe rí lára rẹ.

Ẹnu_Dùn
Ó dáa, mo ti gbé èsì mi pamọ́. Ṣùgbọ́n ti lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ yẹn dùn o.

Ọmọ_Kúbwà
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ṣe é. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, lẹ́nu géètì wa, kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Mo sọ ọ́ bí Ìyá Ìbejì ṣe ní kí n sọ ọ́, mo wá mú 15,000 jáde. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárì, ó ń wo iwájú. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Ṣé mo bèèrè owó lọ́wọ́ rẹ ni?" Ẹ gbọ́: "rẹ" ló wí, kò wí "yín." Mo fẹ́ẹ̀ sunkún.

Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Mo gbọ́ ní ọ́fíìsì yín pé o ti ra mọ́tò."

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ọ̀gá wa rí mi lọ́jọ́ kan nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ẹ kú orí ire mọ́tò tuntun." Ojú tì mí láti sọ pé wọ́n gbé mi ni. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mi ò mọ bó ṣe dé etí bọ̀dá. Mo ṣàlàyé, àlàyé náà ò dùn lẹ́nu mi. Ó gba owó náà, kò kà á, ó fi sí àpò ẹ̀wù rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún ní, "Alága, dírẹ́bà yín ti dé o." Ṣùgbọ́n bá a ṣe yà sílé epo, ó sanwó, ó wọlé, kò wá sí fèrèsé mi.

Ìyá_Ìbejì_Gwarínpa
Mo ṣi ìṣirò, tàbí kí n ní ìdajì ni mo ṣe. Epo ni mò ń wò. "Dírẹ́bà yín" ti sọ ọ́ fún gbogbo wa láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹni tó bá ní dírẹ́bà ló ni mọ́tò. N kò fetí sí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Bàbá_Lúgbè
Mo sọ pé inú rẹ̀ ò dùn sí i, àbí n kò sọ?

Akọ̀wé_Nyányà
Ẹ sọ pé kò fẹ́ràn rẹ̀, Bàbá. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn èèyàn kì í gbé e lọ gbé e bọ̀ fún ọdún yìí wá, ní ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ti àárọ̀ yẹn, èmi gbà pé àwàdà gidi ni lọ́tẹ̀ yìí.

Ṣadé_Kàdúná
Èmi ò gbà. Ó ṣì ní "yín."

Ọmọ_Sábọ̀n_Gàrí
Ọmọ Kúbwà, ṣé o ti sọ fún ọ̀gá yín pé mọ́tò yẹn kì í ṣe tìrẹ?

Ọmọ_Kúbwà
Mi ò tíì sọ.